Lọ́wọ́ Ta Ni Iṣẹ́ Wà?

Ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, bí aago mẹ́jọ bá ti lù, róbọ́ọ̀tì a bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ àwọn èèyàn. Kì í ṣe róbọ́ọ̀tì onírin tó ń rìn kiri o. Ètò kékeré kan ni, inú kọ̀ǹpútà ló ń gbé, Káyọ̀dé ló sì kọ ọ́ lọ́jọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kó lọ sílé. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́: kó wo gbogbo iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ gbé síta, kó sọ èyí tó ń lọ àti èyí tó dúró, kó sì dárúkọ ẹni tó dúró sí lọ́wọ́. Kì í parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó bá rí ló ń sọ, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí ojú irin ní Ọ̀fà ni ọ́fíìsì wọn wà, ibi tí èèyàn ti lè rí ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ kó tó gun àtẹ̀gùn. Àwọn mẹ́rin péré ni wọ́n. Alhaji Abdulwasiu ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú fáìlì ní ilé ìwòsàn ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti rí i tí òjò àti ikán ń jẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé títí ó fi sú u. Òun ló ní kí wọ́n kọ ètò tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń tọ́jú káàdì náà sínú fóònù. Nàfísàt ni olórí àwọn tó ń kọ ọ́. Káyọ̀dé ju Nàfísàt lọ lọ́jọ́ orí, ó sì jù ú lọ ní kíkùn, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́ ipò olórí, pé orí tòun nìkan ti tó òun í gbé. Ẹni kẹrin ni Hikmat, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí wọ́n gbà fún oṣù mẹ́ta kí wọ́n fi wò ó. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí ni oṣù mẹ́ta náà máa pé.

Ní Mọ́ńdè tí mo ń sọ yìí, róbọ́ọ̀tì sọ tirẹ̀: iṣẹ́ mẹ́fà ló dúró, lọ́wọ́ Hikmat ni gbogbo wọn sì wà.

Alhaji kà á lórí fóònù rẹ̀, ó sì jáde láti inú yàrá rẹ̀ pẹ̀lú jígí lórí imú. Hikmat ò tíì dé. Ọkọ̀ tó ń gbé e wá láti Ìjàgbò kì í tètè kún láàárọ̀ Mọ́ńdè.

"Nàfísàt, nọ́ọ̀sì Ìjàgbò ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta lórí orúkọ ọmọ tó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé. Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn?"

"Ohun tí ètò sọ nìyẹn, Alhaji."

"Ìwọ náà kọ ọ́ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ó ń fà. Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀. Tó bá di Jímọ̀, màá jẹ́ kó máa lọ. Ọmọ Pólì kan ti ń dúró de ipò rẹ̀."

Nàfísàt ò jiyàn. Òótọ́ ni, ó kọ lẹ́tà, ojú ìwé kan gbáko, pé ọmọbìnrin náà ní làákàyè ṣùgbọ́n kò yára. Ohun tí róbọ́ọ̀tì ń sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sì fi ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Hikmat wọlé, tó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn, tó jókòó, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà láìgbórí sókè títí agogo mẹ́wàá fi lù, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í rin Nàfísàt nínú. Kí ni ọmọ yìí ń tẹ̀? Ọ̀lẹ kì í tẹ nǹkan báyìí. Bí èèyàn bá ń tẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí iṣẹ́ rẹ̀ ò sì kúrò lójú kan, ohun kan ń bẹ láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti ojú róbọ́ọ̀tì. Nàfísàt sì ni irú ẹni tí kì í lè sùn bí nǹkan kan bá ń rin ín nínú. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ìbéèrè ló máa pa á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè yé wa. Bí ẹnì kan bá tún ibì kan ṣe nínú ètò wọn, kò gbọdọ̀ kàn dà á pọ̀ mọ́ ojúlówó tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò. Á kọ́kọ́ gbé e síta kí ẹlòmíràn yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó gbé síta yẹn ni wọ́n ń pè ní PR. Bí olùyẹ̀wò bá ní ó dáa, wọ́n á dà á pọ̀; bí kò bá dáa, á ní kó tún un ṣe. Kí wọ́n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, wọ́n máa ń lẹ lébẹ́lì mọ́ PR, ọ̀rọ̀ kúkurú kan tó ní àwọ̀ tirẹ̀, bí ẹni fi bébà pélébé lẹ ẹrù. Alhaji ló ní Yorùbá ni kí wọ́n máa fi kọ lébẹ́lì, torí òun náà fẹ́ máa kà á. Àwọn lébẹ́lì yìí ni róbọ́ọ̀tì ń wò tó fi ń rojọ́. Kò mọ ohun mìíràn.

Nàfísàt ṣí èyí tí nọ́ọ̀sì Ìjàgbò ń kígbe lé lórí. Ó ka lébẹ́lì tó wà lára rẹ̀: "kíákíá", "ẹ wò ó", "àtúnṣe", "ó kù díẹ̀", "ó ti ń yá". Márùn-ún, lára PR kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín. Bí èèyàn bá béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan pé báwo ni ara, tó sì fèsì pé ara òun le, ara òun ò yá, òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, òun ń bọ̀ wá jẹun, èwo lèèyàn máa gbà gbọ́ níbẹ̀?

Ó yíjú sí Káyọ̀dé. "Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí róbọ́ọ̀tì bá rí márààrún yìí pa pọ̀, èwo ló ń tẹ̀ lé?"

"'Àtúnṣe' ló ń tẹ̀ lé," ni Káyọ̀dé wí, kò sì gbójú kúrò lára ẹ̀pà tó ń bó. "Ibikíbi tó bá ti rí 'àtúnṣe', ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni iṣẹ́ wà nìyẹn. Ó ti yẹ kó lọ tún un ṣe."

"Bó bá ti tún un ṣe ńkọ́?"

"Á yọ ọ́ nígbà náà. Kí ló tún kù?"

Àlàyé náà gún. Ṣùgbọ́n ojú ìwé PR máa ń tọ́jú ìtàn gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí i: ẹni tó lẹ lébẹ́lì, ọjọ́ tó lẹ̀ ẹ́, wákàtí tó lẹ̀ ẹ́, àti ẹni tó yọ ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá yọ ọ́. Nàfísàt fa ojú ìwé náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ Túsìdeè tó kọjá ni Káyọ̀dé lẹ "àtúnṣe" mọ́ ọn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, Hikmat ti fi àtúnṣe ránṣẹ́. Ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun kankan mọ́. Àtìgbà náà ni PR ti jókòó síbẹ̀, tí kò sẹ́ni tó bojú wò ó.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti ṣe é láti Ọjọ́rú. Ẹ ò rí i?"

Káyọ̀dé dáwọ́ ẹ̀pà dúró. Ó wá wò ó. "Mo ti ṣètò ojú kọ̀ǹpútà tèmi kó má ṣe fi èyí tó bá ní 'àtúnṣe' hàn mí. Kí ni mo fẹ́ fi ohun tí kò tíì parí ṣe? Òun ló yẹ kó yọ lébẹ́lì."

Nàfísàt pe Hikmat wá. Ọmọbìnrin náà dìde, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ka ẹjọ́ fún.

"Hikmat, o ti ṣe àtúnṣe yìí láti Ọjọ́rú. Kí ló dé tí o ò yọ lébẹ́lì?"

Hikmat wo Káyọ̀dé, ó wo ilẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá ló lẹ̀ ẹ́, mà."

"Mo mọ̀. Kí ló dé tí o ò yọ ọ́?"

"Àǹtí, ohun tí àgbà fọwọ́ ara wọn lẹ̀, ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi ṣí i?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ní ṣọ́ọ̀bù màmá mi, tí ọ̀gá bá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ pé ibí yìí ò dáa, ọmọṣẹ́ á tú u, á tún un rán, á gbé e padà. Ṣùgbọ́n kò ní nu àmì yẹn. Ọ̀gá ló máa wò ó, tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á nù ún. Ọmọṣẹ́ tó bá nù ún fúnra rẹ̀, ó ń sọ pé òun ti mọ̀ ọ́n rán ju ọ̀gá lọ ni."

Káyọ̀dé họrí. Ẹni tó bá mọ ìdí aṣọ rírán ní agbègbè yìí mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé lọmọ náà sọ. Lójú Káyọ̀dé, lébẹ́lì yẹn jẹ́ iṣẹ́ tí àgbà rán ọmọdé: ṣe é, kí o sì mú un kúrò níbẹ̀. Lójú Hikmat, ìdájọ́ ni, ẹni tó dá a ló lè tú u. Àwọn méjèèjì ń dúró de ara wọn, ọ̀kan fìbínú dúró, ọ̀kan fọ̀wọ̀ dúró, róbọ́ọ̀tì sì jókòó sáàárín wọn, ó ń kéde pé Hikmat ló dá iṣẹ́ dúró.

"Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn," ni Káyọ̀dé wí. "Hikmat, láti òní lọ, máa yọ ọ́. Mo fún ọ láṣẹ."

Hikmat ní, "Ẹ ṣé, sà," ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò jọ ojú ẹni tó máa yọ nǹkan kan.

Inú Nàfísàt ò sì rọlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àṣẹ la fi máa tún un ṣe, a jẹ́ pé ẹni tó bá láyà ni ìròyìn máa gbè lẹ́yìn. Ẹni tó ń tijú á máa di ọ̀lẹ ní gbogbo Mọ́ńdè, ẹni tí ojú rẹ̀ gbó á máa di akọni. Ó ń wù ú láti mọ̀ bóyá èèyàn lè ṣètò lébẹ́lì tí ẹnikẹ́ni ò ní máa rò lọ́kàn pé òun ń ṣí ọwọ́ àgbà, síbẹ̀ tí ètò á mọ ibi tí iṣẹ́ wà. Ó fa kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan yọ lára ògiri, ó yí i pa dà sí ibi tí kò sí ìkọ̀wé, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì. "Ẹ jẹ́ ká kọ gbogbo lébẹ́lì tá a ní sílẹ̀."

Wọ́n kọ ọ́. Ó jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n tún un kà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, èèyàn mẹ́ta ló sì ń lò wọ́n. "Ó kù díẹ̀" wà, "ó ku díẹ̀díẹ̀" náà wà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èwo ló kù jù nínú méjèèjì. Ọ̀kan wà tí wọ́n kọ "lẹ́yìn iléyá" sí lára, kò sì sẹ́ni tó rántí iléyá ọdún wo.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Nàfísàt ń bi wọ́n lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: "Bí o bá rí èyí, kí lo máa ṣe tí o ò bá ti ní ṣe tẹ́lẹ̀?" Èyí tí wọn ò bá rí ìdáhùn sí, ó fa igi lé e. "Ó ti ń yá" lọ. "Ó kù díẹ̀" lọ pẹ̀lú ìbejì rẹ̀. "Àyẹ̀wò kùnà" náà lọ, nítorí pé kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń dán iṣẹ́ wò, tó sì ń fi pupa hàn bó bá kùnà. Kí ni èèyàn ń fọwọ́ kọ ohun tí ẹ̀rọ ti mọ̀ fún? "Ó ti parí" lọ, torí PR tí wọ́n bá ti dà pọ̀ ti ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀. "Mo ṣì ń ṣe é" lọ pẹ̀lú, nítorí ààyè wà láti gbé PR síta gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí kò tíì pé, ojú ìwé PR fúnra rẹ̀ sì ń fi èyí hàn láìsí lébẹ́lì. Káyọ̀dé bẹ̀bẹ̀ fún "kíákíá". Nàfísàt ní kó dúró, ṣùgbọ́n kó yà sọ́tọ̀: kíákíá ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ṣe pàtàkì tó, kò sọ ibi tó wà.

Nígbà tí wọ́n fa igi tán, ohun tó kù fún ipò iṣẹ́ ò ju mẹ́rin lọ. Hikmat ló kíyè sí i, tó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń dáhùn: lọ́wọ́ ta ni iṣẹ́ wà? Nàfísàt yíjú wò ó. Báyìí ni wọ́n ṣe fún wọn lórúkọ: "ipò: lọ́wọ́ olùyẹ̀wò"; "ipò: lọ́wọ́ oníṣẹ́"; "ipò: lọ́wọ́ ará ìta", bó bá jẹ́ pé ìdáhùn nọ́ọ̀sì tàbí ti ẹlòmíràn ni wọ́n ń dúró dè; àti "ipò: ó yá, ẹ dà á pọ̀". Ọ̀rọ̀ "ipò" tó ṣáájú ni róbọ́ọ̀tì máa fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí "kíákíá". Òfin tó tẹ̀ lé e sì ni pé PR tó bá ti tó yẹ̀ wò ò gbọdọ̀ ní ju ipò kan lọ. Bí èèyàn ò ṣe lè wà ní Ọ̀fà kó tún wà ní Ẹ̀rìn-Ilé lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ò lè wà lọ́wọ́ ẹni méjì.

"Ta ló máa wá máa yí i?" ni Káyọ̀dé bi.

"Róbọ́ọ̀tì ni. Kò sẹ́ni tó máa ṣí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí olùyẹ̀wò bá tẹ bọ́tìnnì pé òun fẹ́ àtúnṣe, róbọ́ọ̀tì á yọ ti àtẹ̀yìnwá, á lẹ 'lọ́wọ́ oníṣẹ́'. Bí oníṣẹ́ bá fi àtúnṣe ránṣẹ́, á yí i pa dà sí 'lọ́wọ́ olùyẹ̀wò'. Bí olùyẹ̀wò bá fọwọ́ sí i, ó yá nìyẹn. Ti ará ìta nìkan ni àwa á máa fọwọ́ lẹ̀, torí ẹ̀rọ ò lè mọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń rò."

Káyọ̀dé ní ó dáa. Ṣùgbọ́n Hikmat ń yí bírò lọ́wọ́.

"Sọ ọ́," ni Nàfísàt wí.

"Àǹtí, èmi máa ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní díẹ̀díẹ̀, kí iná má bàa lọ kó gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà míì mo lè fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó parí. Tó bá jẹ́ pé bí mo ṣe fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan báyìí ló máa sọ pé ó ti dọwọ́ yín, irọ́ ló máa pa mọ́ ẹ̀yin náà."

Nàfísàt gbé bírò sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tí wọ́n fi ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ hàn. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ lé ló ń gbèjà àgbà kí róbọ́ọ̀tì má purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n rò ó títí. Ìgbà tó yá, Káyọ̀dé rántí pé bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ olùyẹ̀wò tí wọn kì í lò: ẹni tó ni iṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́ láti bẹ olùyẹ̀wò pé kó jọ̀ọ́ tún un wò. Ojú ìwé PR sì máa ń kọ wákàtí tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

"Bíbẹ̀ nìyẹn," ni Hikmat wí, ojú rẹ̀ sì là fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "Mo lè bẹ̀ yín. Ìyẹn ò le."

Ni wọ́n bá fi ẹ̀bẹ̀ rọ́pò fífi ránṣẹ́. Bí oníṣẹ́ bá bẹ̀bẹ̀, iṣẹ́ ti dọwọ́ olùyẹ̀wò. Àyàfi èyí tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí, tí oníṣẹ́ sì tún fi nǹkan tuntun kún un: ìyẹn gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ olùyẹ̀wò láìbẹ ẹnikẹ́ni, kí ẹnì kan má bàa gba àṣẹ sórí ohun kan kó da òmíràn pọ̀. Nàfísàt fi ọ̀kan kún òfin yìí. Bí róbọ́ọ̀tì bá rí PR tó ní ipò méjì, tàbí tí kò ní rárá nígbà tó yẹ kó ní, kó má ṣe yan èyí tó wù ú. Kó kọ ọ́ pé "mi ò mọ̀", kó sì fi nọ́ńbà PR síwájú. Káyọ̀dé ní òun ò rí róbọ́ọ̀tì tó ní ìrẹ̀lẹ̀ tó báyìí rí.

Ọjọ́rú ni Káyọ̀dé kọ ọ́ tán. Ó ti yẹ PR nọ́ọ̀sì Ìjàgbò wò nígbà náà, wọ́n ti dà á pọ̀, orúkọ ọmọ ò sì jáde lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ṣùgbọ́n Nàfísàt ò tíì sinmi. Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́? Ìtàn wọn ṣì wà lójú ìwé. Ó ní kí òun fi òfin tuntun wo ohun àtijọ́, kí òun mọ ohun tí róbọ́ọ̀tì ì bá ti sọ bó bá ti mọ̀ ọ́n sọ. Bọ́tìnnì ẹ̀bẹ̀ ò sí nínú ìtàn náà, nítorí náà ó mú gbogbo ibi tí Hikmat ti kọ "mo ti ṣe é" gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó bẹ̀bẹ̀. Ó jókòó tì í ní ọ̀sán, ó ń kọ ọjọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa pọ̀, ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi dúró.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n lò lọ́wọ́ Hikmat.

Nàfísàt fẹ̀yìn ti àga. Ó ti mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlélọ́gọ́ta tún le ju bó ṣe rò lọ. Ó wò yíká, ó rí Káyọ̀dé tó ń bó ẹ̀pà, ó sì ń bínú sí i nínú díẹ̀, pé àgbàlagbà tó ní ojú méjì tó dán gbinrin yìí ló fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ó wá pín ọjọ́ méjìléláàádọ́ta tó kù sọ́rùn ẹni tó lẹ lébẹ́lì. Káyọ̀dé gbé mọ́kànlá. Mọ́kànlélógójì ṣẹ́kù.

Ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣìṣirò. Ó tún PR mẹ́rin tó kù ṣí. "Nàfísàt lẹ 'àtúnṣe'." Èyí tó tẹ̀ lé e: "Nàfísàt lẹ 'àtúnṣe'." Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni orúkọ rẹ̀ jáde sí i lójú. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni Hikmat ti kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Mo ti ṣe é, mà. Ẹ kú àánú mi." Ọ̀kan nínú rẹ̀ wà tó ti pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Òun náà ti ṣètò ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó má máa fi ohun tó bá ní "àtúnṣe" hàn án. Káyọ̀dé ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nàfísàt fúnra rẹ̀ ló dá iṣẹ́ ọmọ dúró, ó sì jókòó kọ lẹ́tà pé ọmọ ń fà.

Ojú tì í débi pé ó pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ó lọ dúró sójú fèrèsé, ó ń wo àwọn ọlọ́kadà nísàlẹ̀. Èrò kan sì wá bá a, ẹ má jẹ́ kí n bò ó mọ́lẹ̀ fún un: ìròyìn tuntun ò béèrè orúkọ olùyẹ̀wò. "Lọ́wọ́ olùyẹ̀wò, ọjọ́ méjìléláàádọ́ta" ti tó. Òótọ́ ni, kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ Hikmat á dúró, orúkọ Nàfísàt náà á dúró. Ta ló máa rí i? Ó ń wo ọ̀nà yẹn, ọ̀nà náà sì mọ́ tónítóní.

Ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta gbáko ni róbọ́ọ̀tì ti ń pe orúkọ Hikmat sétí Alhaji. Ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba, ṣé abẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa gbà á padà? Ó padà sídìí tábìlì, ó sì fi orúkọ kún un.

Ọjọ́ Jímọ̀, ní agogo mẹ́wàá, kí wọ́n tó lọ kírun, Alhaji pe gbogbo wọn sínú yàrá rẹ̀. Hikmat jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti kó ìwé rẹ̀ àti ife tó fi ń mu tíì sínú báàgì, báàgì náà sì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Alhaji, kí ẹ tó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ka nǹkan fún yín," ni Nàfísàt wí. Ó kà á láìsáré. "Iṣẹ́ mẹ́fà tí ètò ní Hikmat dá dúró, ọjọ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi dúró. Ọwọ́ Hikmat, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, mọ́kànlá. Ọwọ́ èmi Nàfísàt, mọ́kànlélógójì."

Alhaji yọ jígí. "Mọ́kànlélógójì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ti ṣe é, ó ti sọ fún mi, mi ò wò ó. Lébẹ́lì tí mo lẹ̀ ló jẹ́ kí ètò máa sọ pé òun ni. Ètò ò purọ́. Àmì tá a fún un ni kò sọ ohun tí à ń béèrè."

"Ta ló wá kọ lẹ́tà tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi yìí?"

"Èmi ni."

Alhaji wò ó pẹ́. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú fáìlì mọ ohun tí ìwé kan lè ṣe fún ayé èèyàn. "Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé," ló wí, "a dẹ̀ ti fẹ́ gé ìka ẹlòmíràn." Ó fa dúrọ́ọ̀, ó mú lẹ́tà náà, kò ya á, ó nà án sí Nàfísàt. "Kọ ọ̀rọ̀ tí o sọ tán yìí sẹ́yìn rẹ̀, kí o fọwọ́ sí i. Káwọn méjèèjì jọ wà nínú fáìlì ọmọ náà. Hikmat, iṣẹ́ rẹ dúró bó o bá ṣì fẹ́ ẹ."

"Mo fẹ́ ẹ, sà," ni Hikmat wí, ṣùgbọ́n báàgì ṣì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nàfísàt gba lẹ́tà. Kò tíì jókòó tó fi yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Hikmat, má bínú. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Hikmat fò dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀, báàgì ò jẹ́. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mà, Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Àgbà tó ń bẹ ọmọdé níwájú àgbà mìíràn, ìyẹn ò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti oṣù mẹ́ta tó ti ń bọ̀ wá sí ọ́fíìsì yẹn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, PR mi kan ti wà lọ́wọ́ yín láti àárọ̀ àná."

Káyọ̀dé bú sẹ́rìn-ín. Nàfísàt ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ ṣí i.